Irun orí mi ló pa Láńre

“Ẹ̀yin àgbà nídìí iṣẹ́ yìí, ẹ jọ̀ọ́, wọ́n fún mi ní ipa nínú eré ọlọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ kan lórí tẹlifíṣọ̀n, àwọn tó ń ya fíìmù àgbéléwò náà sì ń pè mí. Báwo làwọn òṣèré tó ṣáájú wa ṣe ń ti ibi kan bọ́ sí ìkejì? Ipa wo gan-an ló sọ wọ́n di ẹni táyé mọ̀?”

Àbúrò mi, ọdún 2003 ni èmi náà dúró síbi tí o dúró sí yẹn. Kò sẹ́ni tó là mí lọ́yẹ, ojú mi sì rí nǹkan. Bí ọ̀rọ̀ mi bá gùn níbì kan, fara dà á fún mi.

Jẹ́ kí n ti orí ipa bẹ̀rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, tẹlifíṣọ̀n ló ń gbin orúkọ síni lára, torí ọ̀fẹ́ ló ń wọlé tọ èèyàn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, pẹ̀lú orúkọ kan náà, ohùn kan náà, ìmúra kan náà. Fíìmù àgbéléwò ní tirẹ̀, ẹni tó bá ra kásẹ́ẹ̀tì tàbí tó yá a ló máa rí i, ó sì lè wò ó lẹ́ẹ̀kan kó gbàgbé. Wo Òjó Arówósafẹ́. Nígbà tí Jímọ̀ Àlíù ń ṣe Àrélù lórí tẹlifíṣọ̀n láwọn ọdún 1980, Fádèyí Olóró ni orúkọ rẹ̀ nínú eré náà. Nígbà tí fíìmù àgbéléwò wá gbòde, orúkọ yẹn ló bá a wọ inú rẹ̀. Olóògùn tí ọfọ̀ yọ̀ lẹ́nu rẹ̀, tí gbogbo ìlú ń sá fún, ni wọ́n ń pè é wá ṣe ṣáá. Títí ó fi kú ní ọdún 2023, ọ̀pọ̀ èèyàn tó fẹ́ràn rẹ̀ ni kò mọ orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nílé.

Àwọn ọ̀mọ̀wé tó ń sọ̀rọ̀ nípa fíìmù máa ń bí mi nínú, torí wọ́n máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọdún 1992 ni gbogbo rẹ̀ já bọ́ látọ̀run, lọ́jọ́ tí Kenneth Nnebue gbé Living in Bondage jáde lédè Ígbò. Àwọn Yorùbá ti ń ya eré sórí kásẹ́ẹ̀tì fídíò ṣáájú ìyẹn, Nnebue fúnra rẹ̀ sì ti ná owó sórí fíìmù Yorùbá kó tó ṣe ti Ígbò. Tẹlifíṣọ̀n ló sì ti mú díẹ̀ nínú àwọn òṣèré rẹ̀. Francis Agu àti Bob-Manuel Udokwu tó wà nínú fíìmù náà, inú eré tẹlifíṣọ̀n Checkmate tí Amaka Igwe bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1991 làwọn èèyàn ti mọ ojú wọn, ọ̀kan ń jẹ́ Benny, èkejì ń jẹ́ Nduka. Ṣùgbọ́n Kenneth Okonkwo, ẹni tó ru fíìmù náà lórí, ipa Andy inú rẹ̀ gan-an ló sọ ọ́ di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká. Ngozi Nwosu pẹ̀lú wà níbẹ̀. Fíìmù Yorùbá ló ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, nígbà tó sì yá, ó bọ́ sórí tẹlifíṣọ̀n, ó di Peace, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó inú Fuji House of Commotion. Ilé Fuji yẹn fúnra rẹ̀, inú Checkmate ló ti yọ. Kunle Bamtefa tó ń ṣe Chief Fuji kọ́ ni ìtàn Checkmate dá lé lórí, àmọ́ àwọn èèyàn fẹ́ràn rẹ̀ débi pé wọ́n kọ́ ilé tirẹ̀ fún un. Nítorí náà, ọ̀nà náà ń lọ, ó sì ń bọ̀.

Ó wá ku ti èmi.

Mi ò ní dárúkọ eré náà. Àbúrò ọkọ ilé ni mò ń ṣe, Láńre lorúkọ mi. Abala mẹ́tàlá ni wọ́n ṣètò, torí ọ̀sẹ̀ mẹ́tàlá mẹ́tàlá ni iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n fi ń pín ọdún. Ohun tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún mi ni pé wọn kì í ya abala kìíní tán kí wọ́n tó ya ìkejì. Ilé tí wọ́n yá ni wọ́n ń tẹ̀ lé, wọn kì í tẹ̀ lé ìtàn. Tí a bá ti wọ pálọ̀, gbogbo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní pálọ̀ láti abala kìíní dé ìkẹfà la máa yà pọ̀, ká tó jáde lọ ya ti ìta. Mo lè kan ilẹ̀kùn lóṣù kẹta, kí n tó wọlé lóṣù karùn-ún, ẹni tó ń wò ó nílé á sì rò pé ìṣẹ́jú kan náà ni.

Lóṣù kẹta yẹn, owó tán. Olóòtú ló ń ra àkókò lọ́wọ́ iléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n nígbà náà, àwọn tó fẹ́ polówó ọjà ló sì yẹ kó fún un lówó. Wọn ò tíì san. Wọ́n ní ká lọ sinmi fún ọ̀sẹ̀ méjì. Méjì di mẹ́ta, mẹ́ta di márùn-ún. Mo lọ bá ọ̀gá kan níléeṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n náà. Ẹ̀pà ló ń jẹ lórí fáìlì, èèpo rẹ̀ ń já bọ́ sórí ìwé. Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní àwọn ò mọ òṣèré kankan, olóòtú làwọn mọ̀. Mo padà sọ́dọ̀ olóòtú, òun náà ní kí n lọ béèrè lọ́wọ́ tẹlifíṣọ̀n. Owó ilé mi ti pé nígbà yẹn, ìyàwó mi sì wà nínú oyún.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, àwọn kan tó ń ya fíìmù pè mí wá sí Ìjẹ̀bú. Ẹlẹ́wọ̀n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni mo máa ṣe. Ọjọ́ mẹ́rin, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún náírà, kí n fá orí, kí n fá irunmú. Mo fá a. Owó náà bọ́ sí mi lọ́wọ́ lọ́jọ́ kẹrin gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe sọ, mi ò lè purọ́ mọ́ wọn. Ọjọ́ kejì tí mo dé Ìbàdàn ni wọ́n pè pé eré ti bẹ̀rẹ̀ padà.

Ìran tí wọ́n ní ká fi bẹ̀rẹ̀ ni èyí tí mo ti máa wọlé wá bá ẹ̀gbọ́n mi. A ti ya ti ìta sílẹ̀: mo kan ilẹ̀kùn, irun kún orí mi, búrẹ́dì wà nínú ọ̀rá dúdú lọ́wọ́ mi. Olùdarí ki kásẹ́ẹ̀tì náà bọnú ẹ̀rọ, ó dá a dúró síbi tí mo ti di ọwọ́ ilẹ̀kùn mú, ó wá ní kí n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n kékeré náà. Gbogbo èèyàn ń wo orí méjèèjì. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀. Ìyá tó ń tọ́jú aṣọ sáré mú wíìgì obìnrin kan wá, ó fi sísọ́ọ̀sì gé e, ó fi gọ́ọ̀mù lẹ díẹ̀ nínú rẹ̀ mọ́ mi lókè ètè. Nígbà tí wọ́n tan iná sí mi, ó ń dán bí òwú ìránṣọ. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ilé,” irunmú náà sì yẹ̀ sápá kan. Wọ́n ní kí n dé fìlà. Ẹni tó kan ilẹ̀kùn kò dé fìlà. A lo ọjọ́ náà dé ọ̀sán, jẹnẹrétọ̀ ń mu epo. Olùdarí ò pariwo mọ́ mi rárá. Ó kàn yíjú sí ẹni tó ń kọ ìtàn, ó ní kó rí òun tí a bá ṣíwọ́.

Wọn ò tún pè mí mọ́. Inú yàrá onílé mi ni mo ti wo abala kẹwàá, èmi àti àwọn ọmọ rẹ̀ lórí ẹní. Fóònù dún nínú eré, ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi gbé e, ó pariwo, ó ní Láńre ti kú sójú ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn. Àwọn ọmọ náà yíjú, wọ́n ń wò mí. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ìyá aláta kan ní Bódìjà rí mi, kọ́ńgò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ata dà sílẹ̀. Abala mẹ́ta tí mo ti ṣe sílẹ̀, wọn ò san án fún mi títí dòní. Nígbà tí mo lọ jà, wọ́n ní kí n mú ìwé tí mo fọwọ́ sí wá. Ìwé kan ṣoṣo tí mo fọwọ́ sí níbẹ̀ ni ìwé tí a fi ń gba oúnjẹ.

Tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún ọ pé àwọn ọ̀gá níbẹ̀ máa bá ọ rántí, má gbà á gbọ́. Iṣẹ́ ẹnì kan ni láti máa kọ bí irun, aṣọ àti ẹrù ọwọ́ òṣèré ṣe rí nínú ìran kọ̀ọ̀kan. Nínú eré tí owó rẹ̀ ò tó nǹkan, ẹni yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń yọ kúrò. Ìwọ fúnra rẹ ya fọ́tò ara rẹ níwájú àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ kí o tó bọ́ aṣọ eré.

Ẹni tó rin ọ̀nà tí o ń béèrè yìí tó yọrí ni Fúnkẹ́ Akíndélé. Eré tẹlifíṣọ̀n I Need to Know, tó wáyé láti 1998 sí 2002, la ti kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n. Bísí ni, ọmọ iléèwé gírámà. Ojú táwọn èèyàn mọ̀ yẹn ló gbé wọ fíìmù Yorùbá, ó sì pẹ́ níbẹ̀ kí fíìmù Jenifa, níbi tó ti ṣe ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Jenifa, tó jáde ní 2008. Ọdún tó tẹ̀ lé e ló gba àmì ẹ̀yẹ òṣèrébìnrin tó dára jù ti AMAA. Ní 2014 ó wá gbé ọmọbìnrin yìí kan náà padà sórí tẹlifíṣọ̀n nínú Jenifa’s Diary. Wo ohun tó kó dání: orúkọ, ìmúra, àti èdè Gẹ̀ẹ́sì tó ń fọ́ mọ́ ọn lẹ́nu. Àwọn nǹkan wọ̀nyẹn kì í tán lọ́sẹ̀ kan, wọ́n sì lè gbé ìtàn tuntun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Òun ló dá ipa náà sílẹ̀, òun náà ló gbé eré náà jáde, kò sí olóòtú kankan tó lè sọ fún un pé orúkọ yẹn kì í ṣe tirẹ̀. Eré náà tún gbé àwọn mìíràn yọ. Juliana Ọláyọdé di Toyo Baby, Falz di Sege, ó sì gba àmì ẹ̀yẹ AMVCA lórí rẹ̀ ní 2016.

Ṣọlá Ṣóbọ̀wálé náà rin ọ̀nà yìí. Ipa Toyin Tomato inú eré tẹlifíṣọ̀n Super Story ló sọ ọ́ di mímọ̀ ní 2001. Ní 2018 ó di Ẹniọlá Salami nínú fíìmù King of Boys, ní 2021 wọ́n sì sọ ìtàn obìnrin náà di eré alábala lórí Netflix. Láyé ìsinsìnyí, fíìmù náà lè bí eré alábala.

Ipa tìrẹ ńkọ́? O ò sọ bóyá wọ́n fún un lórúkọ. Ipa tí wọ́n ń pè ní “dókítà” tàbí “aládùúgbò” lásán, ẹnikẹ́ni lè wọ bàtà rẹ̀ lọ́la. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, kí o sì ní ọ̀rọ̀ kan tàbí ìṣesí kan tí o máa ń tún ṣe.

Ìwé àdéhùn, o ti mọ ìyẹn: iye owó, ọjọ́ tí wọ́n máa san án, kí ẹ jọ fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n rí i pé wọ́n kọ ọjọ́ tí ìsinmi máa parí síbẹ̀, àti pé tí ọjọ́ náà bá kọjá, o lè gba iṣẹ́ mìíràn. Kí wọ́n kọ ti irun náà sí i. Àwọn tó ń ya fíìmù tí wọ́n ń pè ọ́ yẹn, bi wọ́n lónìí, kí o tó gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn, bóyá wọ́n fẹ́ kí o fá orí tàbí kí o dá irùngbọ̀n sí. Tí ọjọ́ wọn bá bọ́ sáàárín abala mẹ́tàlá ti tẹlifíṣọ̀n yẹn, fi àwọn ọjọ́ náà ránṣẹ́ síbí, kí n bá ọ wò ó kí o tó dá wọn lóhùn.