Kí Ló Dé Tí "Irọ́ Ni" Fi Ń Pa Ẹ̀fẹ̀?

"Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ní àdúgbò wa ní Òṣogbo, bí àwọn ọmọ bá ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́, ẹni tó bá sọ pé 'irọ́ ni' ni wọ́n máa ń hó lé lórí. Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀? Ṣé ẹni tí wọ́n bú kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sẹ́ ni?"

Kò sí ẹni tó gba èébú inú eré yìí sí òótọ́, nítorí náà kò sí ohun tí a ń sẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ ti fi ìpìlẹ̀ ìtàn lélẹ̀. Bí ẹnìkejì bá ní "irọ́ ni", ó ti wó o, ẹni àkọ́kọ́ yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ lọ́tun. Àwọn òṣèré tí kì í lo ìwé eré náà mọ èyí. Keith Johnstone, tó kọ́ wọn ní Lọ́ńdọ̀nù kí ó tó kọjá sí Kánádà, ka gbogbo ohun tí ẹnìkejì bá sọ sí ohun tí ó nawọ́ rẹ̀ síni: a lè gbà á, a sì lè dínà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní ọmọkùnrin méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ìgbọ́nà. Èkíní ní, "Orí ẹ tóbi débi pé bí òjò bá rọ̀, abẹ́ rẹ̀ ni gbogbo ará ilé yín ń sá sí." Èkejì dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni o, ìwọ náà sá wá síbẹ̀ nígbà tí òrùlé yín jò, àmọ́ o jí bàtà wa lọ." Èkíní kò ní "mi ò jí nǹkan kan", ó ní, "Mo jí i, mo rò pé ọkọ̀ ojú omi ni. Mo gbé e sódò Ọ̀ṣun láti fi pẹja, ó gba èèyàn mẹ́fà." Ẹ wò ó: òjò bí òrùlé, òrùlé bí bàtà, bàtà sì dé odò. Ẹnì kọ̀ọ̀kan di ọ̀rọ̀ ìkẹyìn ẹnìkejì mú, ó sì fi ohun kan ṣoṣo kún un.

Ìdínà kan wà tí ó fara pamọ́, òun ló sì wọ́pọ̀ jù lójú tèmi. Bí èkejì bá ní, "Ìwọ náà, imú ẹ gùn," kò sẹ́ ohunkóhun, síbẹ̀ ó ti sọ orí àti òjò nù. A máa ń mọ̀ ọ́n bí àwọn tó ń wò bá rẹ́rìn-ín lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n sì dákẹ́, tí àwọn méjèèjì wá ń ka ẹ̀yà ara bí ẹni ń ka ọjà.

Ṣùgbọ́n àsọdùn nìkan ni a ń gbà. Bí ọ̀rọ̀ bá kan bàbá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú tàbí àìsàn tó wà nílé lóòótọ́, ẹni tí wọ́n sọ ọ́ sí lè ní "ó tó", ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ hó lé e lórí. Kì í ṣe ìtàn ló ń dínà nígbà yẹn, nítorí ohun tí wọ́n nawọ́ rẹ̀ sí i kì í ṣe ìtàn mọ́.