Bí mo ṣe ń ka àwọn ìlà Unknown lórí ojú-ìwé ráútà

"Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí. Dátà tó ń tó wa fún oṣù kan tẹ́lẹ̀ kì í lò tó ọ̀sẹ̀ méjì mọ́. Àwa mẹ́ta la wà nílé. Fóònù mẹ́ta àti láptọ́ọ̀pù kan la ní. Mo wọlé sórí ráútà, mo ya àwòrán ohun tí mo bá níbẹ̀: ìlà méje, mẹ́ta nínú wọn ń jẹ́ Unknown. Èwo ni àjèjì nínú wọn?"

Ìlà kan ṣoṣo ni mo fura sí nínú méjèèje, ìlà keje sì ni. Mo tún ohun tó wà nínú àwòrán yín tẹ̀ síbí kí a lè jọ máa wò ó. Ẹ ṣeun tí ẹ fi ìdajì àkọ́kọ́ àdírẹ́sì MAC, ìyẹn àmì tí ráútà fi ń dá ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan mọ̀, sílẹ̀ tí ẹ sì bo ìdajì kejì, torí ìdajì àkọ́kọ́ yẹn, tó lè sọ ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ, gan-an la nílò.

```
ID  Client Name      MAC Address  Lease Time
1   Galaxy-A14       A2-5F-19     01:42:10
2   Unknown          DA-30-8E     01:17:55
3   ESP_7A21C4       5C-CF-7F     01:51:32
4   Unknown          16-B8-02     00:21:08
5   DESKTOP-4K8Q1LM  3C-A9-F4     01:05:47
6   TECNO-SPARK-10   6E-41-D7     01:28:03
7   Unknown          50-C7-BF     01:33:29
```

Orúkọ ni ojú gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń lọ sí, òun náà ló sì ń ṣini lọ́nà jù. Ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló ń sọ orúkọ tó ń jẹ́ fún ráútà nígbà tó bá wá gba àdírẹ́sì IP, ìyẹn nọ́ńbà tí ráútà ń fún un láti lò lórí Wáì-Fáì. Bí kò bá sọ nǹkan kan, ráútà á kọ Unknown sí i. Ẹnikẹ́ni ló sì lè lọ sínú fóònù rẹ̀ kó pe ara rẹ̀ ní Galaxy-A14 bí ó bá wù ú. Torí náà, ẹ jẹ́ ká fi orúkọ sílẹ̀ ná, ká lọ sí òpó tó kẹ́yìn, Lease Time, tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í tilẹ̀ wò.

Ráútà kì í fún ẹ̀rọ ní àdírẹ́sì IP yìí títí láé, ṣe ló ń yá a. Irú TP-Link tí ẹ ń lò yìí, ìṣẹ́jú 120 ni wọ́n ṣètò rẹ̀ sí látilẹ̀wá, ìyẹn wákàtí méjì, aago á sì máa kà á sílẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá ṣì wà lórí Wáì-Fáì kì í dúró kó tán. Bí ó bá ti lo ìdajì, á padà lọ sọ́dọ̀ ráútà lọ sọ ọ́ di ọ̀tun, aago á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti wákàtí méjì. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ tó wà níbẹ̀ lóòótọ́ kì í fi í sábà wá sí abẹ́ wákàtí kan. Ẹ wá wo ìlà kẹrin: ìṣẹ́jú 21 ló kù. Ó ti tó ìṣẹ́jú 99 tó ti sọ ti rẹ̀ di ọ̀tun kẹ́yìn, kò sì padà wá nígbà tí wákàtí kan pé. Ẹ̀rọ yẹn ti kúrò, tàbí ó ti sùn, ṣáájú kí ẹ tó ya àwòrán. Ìwé tí ẹ wò yìí dà bí èyí tí máìgádì ń kọ orúkọ àlejò sí ní géètì, tí kì í kọ ìgbà tí wọ́n jáde. Bí ẹnikẹ́ni bá wá kí yín lọ́jọ́ náà tí ẹ sì fún un ní Wáì-Fáì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tirẹ̀.

Nísinsìnyí, ẹ wo àmì kejì nínú MAC kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá jẹ́ 2, 6, A tàbí E, àdírẹ́sì àfọwọ́dá ni, kì í ṣe èyí tí ilé-iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ náà fi sí i. A2, DA, 16, 6E: ìlà 1, 2, 4 àti 6 ló rí bẹ́ẹ̀. Fóònù ni irú àwọn yìí máa ń jẹ́ jù. Láti Áńdírọ́ìdì 10, tó jáde ní 2019, àti iOS 14 ti Áífóònù, tó jáde ní 2020, ni fóònù ti ń dá àdírẹ́sì mìíràn fún Wáì-Fáì kọ̀ọ̀kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni pàṣẹ fún un, kí àwọn tó ni Wáì-Fáì kiri ìlú má baà lè máa tọ ipasẹ̀ olówó rẹ̀. Bí ẹ bá gbé irú àdírẹ́sì bẹ́ẹ̀ lọ wá orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ni ín, ẹ ò ní rí nǹkan kan, èyí kò sì sọ ọ́ di ti olè.

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀ rèé. Wọ́n á ṣí About phone, wọ́n á rí MAC níbẹ̀, kò ní bá ti orí ráútà mu, wọ́n á sì gbà pé àjèjì ti wọlé. MAC ti ilé-iṣẹ́ ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ẹ lọ sínú Wáì-Fáì lórí fóònù, ẹ tẹ orúkọ Wáì-Fáì ilé yín, ẹ wo MAC tó wà ní ojú ibẹ̀; lórí Áífóònù, ẹ tẹ àmì i tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ náà, ẹ ó rí Wi-Fi Address. Bí fóònù yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá bá ìlà 1, 2 àti 6 mu, ẹ̀rù wọn ti tán. Bí ẹnìkan nínú yín bá sì ti yí ètò yìí padà lórí fóònù rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ìlà kẹrin lè jẹ́ àdírẹ́sì rẹ̀ àtijọ́ tí àkókò rẹ̀ kò tíì tán.

Ìlà karùn-ún rọrùn. Windows ló máa ń sọ ara rẹ̀ ní DESKTOP- kó wá fi àmì méje tì í. Lórí láptọ́ọ̀pù yín, ẹ ṣí Command Prompt kí ẹ tẹ méjì yìí, ọ̀kan fún orúkọ, ìkejì fún MAC:

```
hostname
getmac
```

Ìlà kẹta ló ń dẹ́rù ba àwọn tó ní ínfátà. 5C-CF-7F jẹ́ ti Espressif, ilé-iṣẹ́ kan ní Shanghai tó ń ṣe ṣípù Wáì-Fáì kéékèèké. Irú ṣípù yìí wà nínú ọ̀pá kékeré tí wọ́n ń kì bọ ìdí ínfátà kí ẹ lè máa wo bátìrì àti sólà lórí fóònù, ó sì wà nínú gílóòbù àti sọ́kẹ́ẹ̀tì tí fóònù ń darí. Bí ẹ bá ní ọ̀kankan nínú wọn, ẹ yọ ọ́ kúrò lára iná fún wákàtí kan àti díẹ̀, kí ẹ wá wò bóyá aago ìlà kẹta ń lọ sísàlẹ̀ tí kò padà. Ohun kan tún wà: àmì mẹ́fà tó tẹ̀lé ESP_ nínú orúkọ rẹ̀ ni ìdajì MAC tí ẹ bò. Bí ẹ bá tún fẹ́ fi àwòrán síta, ẹ bo ìyẹn náà.

Ó wá ku ìlà keje. Àmì kejì rẹ̀ jẹ́ 0, nítorí náà MAC ti ilé-iṣẹ́ ni, 50-C7-BF sì jẹ́ ti TP-Link. Ẹ ò sọ pé ẹ ní nǹkan TP-Link mìíràn yàtọ̀ sí ráútà fúnra rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ yẹn ń ṣe sọ́kẹ́ẹ̀tì àti kámẹ́rà, lóòótọ́, ṣùgbọ́n wọ́n tún ń ṣe ripítà, ẹ̀rọ tó ń gba Wáì-Fáì kó lè tún un pín.

Mo bójú tó ìsopọ̀ ilé ìtajà kan ní Ìbàdàn tí irú ìlà bẹ́ẹ̀ wà níbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ẹni tó wá so kámẹ́rà ló mọ ọ̀rọ̀ aṣínà, ó sì ti fún àwọn tó wà lẹ́yìn ògiri. Wọ́n gbé ripítà sójú fèrèsé, gbogbo ilé wọn ń lò ó, fóònù àti tẹlifíṣọ̀n, ṣùgbọ́n ẹyọ ìlà kan ni ráútà wa ń rí. Ẹni tó ń ka iye ẹ̀rọ nìkan á sọ pé ẹnì kan péré ló yọ́ wọlé. Òpó tó ń ka pákẹ́ẹ̀tì, ìyẹn ègé kéékèèké tí dátà máa ń pín sí bó ṣe ń kọjá, ló tú u fó: a ti ilé ìtajà pa, ti gbogbo ẹ̀rọ tó kù dúró, ti ìlà yẹn ń sáré lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe náà nìyẹn. Ẹ lọ sí Wireless, lẹ́yìn náà Wireless Statistics. Àwọn tó wà lórí Wáì-Fáì ní ìṣẹ́jú yẹn gan-an ló ń fi hàn, tó fi mọ́ ẹni tó fọwọ́ ara rẹ̀ tẹ àdírẹ́sì IP sínú ẹ̀rọ rẹ̀, tí kò sì ní hàn nínú ìwé Lease Time rárá. Lálẹ́, ẹ fi fóònù yín sí ipò ọkọ̀ òfuurufú, ẹ so láptọ́ọ̀pù mọ́ ráútà pẹ̀lú wáyà. Ẹ ro Received Packets àti Sent Packets ìlà 50-C7-BF pọ̀, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ dúró ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ tẹ Refresh kí ẹ tún un rò. Pákẹ́ẹ̀tì kan kì í sábà gbé ju báìtì 1,500 lọ, nítorí náà dátà 100MB á gba nǹkan bí 67,000 pákẹ́ẹ̀tì. Sọ́kẹ́ẹ̀tì tó kàn ń dúró kò ní fi ju ọgọ́rùn-ún mélòó kan kún un. Bí ó bá fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún tàbí ọgbọ̀n fò sókè, ẹnìkan ń wo fídíò lórí dátà yín. Ẹ má ṣe pa ráútà láàárín ìgbà yẹn, torí òǹkà á padà sí òdo.

Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí MAC Filtering. Ó rọrùn láti pààrọ̀ MAC, ẹni tí ẹ dí lónìí á fi òmíràn wọlé lọ́la. Ẹ fi láptọ́ọ̀pù orí wáyà yí ọ̀rọ̀ aṣínà Wáì-Fáì padà, ẹ mú WPA2-PSK pẹ̀lú AES, ẹ pa WPS, ètò tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ wọlé láì tẹ ọ̀rọ̀ aṣínà, kí ẹ sì yí ọ̀rọ̀ aṣínà ojú-ìwé ráútà fúnra rẹ̀ tí ó bá ṣì jẹ́ admin. Gbogbo ẹ̀rọ á já. Ẹ wá máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ tẹ Refresh lẹ́yìn ẹnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ kọ MAC tó yọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ olówó rẹ̀ nínú ìwé. Bí nǹkan kan nínú ilé bá kọ̀ṣẹ́ lẹ́yìn náà, sọ́kẹ́ẹ̀tì tàbí kámẹ́rà tí ẹ gbàgbé, ìlà keje nìyẹn, ẹ ò sì ní àjèjì kankan. Bí nǹkan kan ò bá kọ̀ṣẹ́, ṣùgbọ́n tí 50-C7-BF tún yọ láàárín ọjọ́ díẹ̀, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn méjèèjì tí ẹ jọ ń gbé: láti Áńdírọ́ìdì 10, fóònù wọn lè fi ọ̀rọ̀ aṣínà hàn bíi àmì onígun mẹ́rin tí aládùúgbò á kàn fi kámẹ́rà yà.