Ìgbìmọ̀ adarí iṣẹ́ àkànṣe: ojú ta ni wọ́n fi ń ríran?

Ìbéèrè: Ẹ káàsán o, ọ̀gá. Mo ń kọ àròkọ fún oyè ìjìnlẹ̀ kejì lórí ìṣàkóso iṣẹ́ àkànṣe. Mo ti to ojúṣe ìgbìmọ̀ adarí sílẹ̀, mo sì ti ṣàlàyé oríṣi ọ́fíìsì iṣẹ́ àkànṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ṣùgbọ́n olùkọ́ mi ní àpèjúwe lásán ni mo ṣe, pé kò sí àríyànjiyàn kankan níbẹ̀. Báwo ni mo ṣe lè so méjèèjì pọ̀, àpẹẹrẹ wo ló sì lè gbè mí lẹ́sẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo gbà pẹ̀lú olùkọ́ yín. Ẹ pa àtòjọ yẹn tì ná, kí ẹ wá fi ìbéèrè kan ṣoṣo di àròkọ náà mú: ìgbìmọ̀ adarí ló ní àṣẹ, ṣùgbọ́n ta ló ń sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún un? Bí ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ bá ṣe tó ni ìpinnu rẹ̀ máa ń mọ. Ibẹ̀ gan-an ni ọ́fíìsì iṣẹ́ àkànṣe, ìyẹn ẹ̀ka tó ń ran àwọn iṣẹ́ àkànṣe iléeṣẹ́ lọ́wọ́ tàbí tó ń ṣọ́ wọn, ti wọ ọ̀rọ̀ náà, nítorí oríṣi tí iléeṣẹ́ kan bá yàn ló máa ń pinnu ọwọ́ tí ìròyìn ń gbà kọjá kó tó dókè.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú PRINCE2, ìlànà ìṣàkóso iṣẹ́ àkànṣe tí ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé jáde lọ́dún 1996. Ipò mẹ́ta ló wà nínú ìgbìmọ̀ rẹ̀. Ẹnì kan dúró fún iléeṣẹ́ tó ń náwó, ẹnì kan ṣojú àwọn tó máa lo ohun tí wọ́n ń ṣe, ẹnì kan sì ṣojú àwọn tó ń ṣe é. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ máa ń kọ ọ́ bíi pé ìbò ni wọ́n ń dì níbẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dúró fún olówó ló ni ọ̀rọ̀ ìkẹyìn, torí òun ni wọ́n máa bi bí owó bá ṣòfò. Àwọn méjì yòókù wà níbẹ̀ kó má baà pinnu láìgbọ́ tẹnu àwọn tọ́rọ̀ kàn.

Ìlànà kan tún wà níbẹ̀ tí mi ò rò pé ẹ ti fún ní ààyè tó yẹ ẹ́. Ìgbìmọ̀ ló ni ojúṣe láti rí i dájú pé ohun tí wọ́n ń gbọ́ jẹ́ òótọ́. Wọ́n lè yan ẹlòmíràn kó bá wọn ṣe é, ṣùgbọ́n wọn kò gbọdọ̀ gbé e fún máníjà tó ń ṣe iṣẹ́ náà. Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ́ òun nìkan ṣoṣo ló máa jẹ́rìí sí iṣẹ́ ara rẹ̀. Ẹ sàmì síbẹ̀, torí mo ṣì máa padà síbẹ̀.

Ohun kejì ni ààyè tí ìgbìmọ̀ fi sílẹ̀ fún máníjà. Ìgbìmọ̀ kì í jókòó lójoojúmọ́, nítorí náà wọ́n máa ń pààlà. Ẹ jẹ́ ká ní mílíọ̀nù 100 ni owó iṣẹ́, tí ìgbìmọ̀ sì ní kò gbọdọ̀ fi ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Bí ìṣirò máníjà bá fi hàn pé iṣẹ́ máa parí sí mílíọ̀nù 103, ó lè máa bá a lọ. Bó bá fi hàn pé 108 ni, kò gbọdọ̀ dúró dìgbà tí owó tán. Ó gbọ́dọ̀ kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ lọ́jọ́ tó rí i, kí àwọn sì yàn bóyá wọ́n máa fi owó kún un, wọ́n máa gé nínú iṣẹ́, wọ́n máa sún ọjọ́ síwájú, tàbí wọ́n máa dá gbogbo rẹ̀ dúró. Ọ̀rọ̀ gígé nínú iṣẹ́ yìí, bó ti wù kó kéré tó, ti kúrò lọ́wọ́ máníjà nígbà náà.

Ó wá kan àpẹẹrẹ. Èyí tí mo máa ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni Phoenix, ètò owó oṣù orí kọ̀ǹpútà tí ìjọba àpapọ̀ Kánádà bẹ̀rẹ̀ sí í lò ní oṣù kejì ọdún 2016. Òṣìṣẹ́ bí 290,000 ní iléeṣẹ́ ìjọba 101 ló yẹ kó máa sanwó fún. Kò pẹ́ rárá tí owó àwọn kan fi ń wọlé ní ẹ̀dín, tí ti àwọn mìíràn ń lé, tí àwọn kan ò sì rí kọ́bọ̀ gbà. Nínú ìjábọ̀ ọdún 2018, olùyẹ̀wò ìwé owó àgbà ilẹ̀ náà pè é ní ìkùnà tó kọjá òye nínú ìdarí àti àbójútó iṣẹ́ àkànṣe.

Ọdún 2012 ni kí ẹ lọ wò, ẹ má fi ọdún 2016 nìkan ṣe é. Ní 2009, mílíọ̀nù 155 dọ́là Kánádà ni wọ́n fọwọ́ sí láti fi ṣe Phoenix. Nígbà tó di 2012, tí ètò iṣẹ́ ti parí lórí ìwé, IBM, iléeṣẹ́ kọ̀ǹpútà tí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, sọ pé mílíọ̀nù 274 ló máa ná wọn. Ẹ ṣírò rẹ̀: mílíọ̀nù 119 ló fi lé, ìyẹn ju ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin owó tí wọ́n fọwọ́ sí. Kò sí ààyè kankan nínú ayé tí irú èyí lè wọ̀. Ọ̀dọ̀ àwọn tó fọwọ́ sí owó ló yẹ kí ìwé gbà lọ tààrà.

Iléeṣẹ́ tó ni iṣẹ́ náà kò padà lọ béèrè owó sí i. Wọ́n jókòó pẹ̀lú IBM, wọ́n sì gé iṣẹ́ náà wálẹ̀ kó lè bá owó mu. Nínú ohun 984 tó yẹ kí ètò náà lè ṣe, ó lé ní 100 tí wọ́n yọ kúrò tàbí tí wọ́n sún síwájú. Ọ̀kan lára wọn ni sísan àjẹsílẹ̀ owó oṣù, tó máa ń yọjú nígbàkigbà tí àdéhùn tuntun bá bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti kọjá. Wọ́n fagi lé ìdánwò tí wọn ì bá fi iléeṣẹ́ kan ṣe kó tó kárí, wọn kò sì dán gbogbo ètò náà wò papọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin.

Ta ló mọ̀? Àwọn ọ̀gá mẹ́ta tó ń darí Phoenix. Igbákejì mínísítà, tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ga jù ní iléeṣẹ́ náà, ló yẹ kó máa ṣọ́ wọn, ṣùgbọ́n ẹnu àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ló ti ń gbọ́ gbogbo ohun tó ń gbọ́. Kò sí ọ̀nà mìíràn tó dá dúró tí ìròyìn fi lè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹ rí ìlànà tí mo ní kí ẹ sàmì sí lókè yẹn.

Ní báyìí, ẹ gbé oríṣi ọ́fíìsì mẹ́ta tí PMI, àjọ àwọn amọṣẹ́ ìṣàkóso iṣẹ́ àkànṣe ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, là sílẹ̀ wá síbí, kí ẹ wo ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ì bá ṣe. Bẹ́ẹ̀ ni àpèjúwe yín ṣe máa di àríyànjiyàn.

Àkọ́kọ́ ni ọ́fíìsì alátìlẹ́yìn, tó ń pèsè fọ́ọ̀mù, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìrírí àwọn iṣẹ́ tó ti kọjá. Ì bá fún wọn ní àwòṣe ètò ìdánwò tó dára gan-an. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá wù ló ń lò ó. Bí wọ́n bá fagi lé ìdánwò, wọn ò rú òfin ẹnikẹ́ni, ọ́fíìsì náà kò sì ní ẹni tó máa sọ fún.

Ọ̀tọ̀ ni ti ìkejì, tó ń múni tẹ̀lé ìlànà, torí ó lẹ́nu-ọ̀nà. Kí iṣẹ́ tó bọ́ sí ìpele tó kàn, ó ní láti rí èsì ìdánwò. Bí kò bá rí i, kò ní jẹ́ kó kọjá. Lójú tèmi, òun ló súnmọ́ ohun tí Phoenix nílò jù. Àmọ́ ẹ má kánjú yìn ín. Bó bá jẹ́ abẹ́ àwọn ọ̀gá mẹ́ta yẹn náà ni olórí ọ́fíìsì ti ń gbàṣẹ, tábìlì wọn ni ìwé “ẹ má kọjá” rẹ̀ máa kú sí. Àfi kó ní ẹ̀tọ́ láti fi ìwé yẹn ránṣẹ́ tààrà sí ìgbìmọ̀.

Ìkẹta ló lágbára jù. Òun fúnra rẹ̀ ló ń darí iṣẹ́, òun ló ń yan máníjà, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń jíhìn. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń kọ ọ́ bíi pé òun ni òpin ìdàgbàsókè, pé kí iléeṣẹ́ máa gòkè láti àkọ́kọ́ dé ìkẹta. Mi ò gbà. Ọ́fíìsì tó ń ṣe iṣẹ́, tó tún ń jábọ̀ iṣẹ́, ti bọ́ sí ipò kan náà tí àwọn ọ̀gá Phoenix wà. Agbára rẹ̀ pọ̀ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìgbìmọ̀ kò tíì ní ojú kejì. Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ máa yẹ iṣẹ́ wò lábẹ́ irú ọ́fíìsì yìí.

Ohun tí àròkọ yín lè dúró lé nìyẹn: orúkọ oríṣi ọ́fíìsì kò tó láti fi mọ̀ bóyá ìṣàkóso múná. Ẹ wo ẹni tó ń jíhìn fún, ẹ sì wo bóyá ó lè sọ pé “rárá”. Ẹ jẹ́wọ́ ohun tí èyí ń náni náà. Àyẹ̀wò ń jẹ àkókò, àwọn máníjà sì máa ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi nǹkan pamọ́ fún ọ́fíìsì tó bá kan fẹ́ràn fọ́ọ̀mù. Iléeṣẹ́ tí iṣẹ́ rẹ̀ kéré, tí ewu rẹ̀ ò pọ̀, lè fi alátìlẹ́yìn ṣe é kó sì sùn dáadáa.

Bí ẹ bá ní àkọsílẹ̀ ìpàdé ìgbìmọ̀ kan lọ́wọ́, ẹ wá ọ̀rọ̀ ìṣe inú rẹ̀. “Ìgbìmọ̀ gbọ́ ìjábọ̀, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́”: bí ìpàdé mẹ́rin, márùn-ún bá parí báyẹn, òǹwòran ni wọ́n. “Ìgbìmọ̀ kọ̀ láti gé ìdánwò kù, ó fi ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kún ọjọ́ ìparí”: èyí ń ṣàkóso. Ẹ wo àwọ̀ ìjábọ̀ náà pẹ̀lú: àwọ̀ ewé ni wọ́n fi ń sọ pé iṣẹ́ ń lọ dáadáa, pupa sì ni wọ́n fi ń sọ pé ó wà nínú ewu. Iṣẹ́ tó wà ní àwọ̀ ewé láti oṣù dé oṣù, tó wá di pupa lójijì nígbà tí ọjọ́ ìparí kù sí dẹ̀dẹ̀, kò bàjẹ́ lóru ọjọ́ kan. Ẹnì kan ló ń kùn ún.

Ẹ kíyè sí ìkùdíẹ̀-káàtó kan kí olùkọ́ tó bi yín. Ẹ̀yìn tí nǹkan ti bàjẹ́ ni wọ́n kọ ìjábọ̀ lórí Phoenix, ìwé àti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò sì ni wọ́n fi ṣe é. Ohun tí àwọn ọ̀gá sọ fúnra wọn ní kọ́rídọ̀ lọ́dún 2012 lè máà sí níbẹ̀. Ẹ lè fi ìdánilójú sọ pé ọ̀nà ìròyìn kejì kò sí. Ẹ kò lè fi ìdánilójú kan náà sọ pé, ká ní ó wà, igbákejì mínísítà ì bá dá iṣẹ́ náà dúró.