Ohun tó ń fa iye Bitikọ́ìnì lórí máàpù líkúídéṣọ̀n

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí iye Bitikọ́ìnì fi ń sáré lọ síbi tó mọ́lẹ̀ yòò lórí máàpù líkúídéṣọ̀n, ìyẹn àwòrán tó ń fi iye tí wọ́n ti lè ta ọjà àwọn tó yáwó tipátipá hàn?

Títà tipátipá ló kóra jọ síbẹ̀. Ká ní ọ̀pọ̀ èèyàn fi owó àyálò ra Bitikọ́ìnì ní $60,000, ní ìlọ́po 10 owó wọn. Tó bá já sí nǹkan bíi $54,300, owó ìdúró wọn, ìyẹn owó tiwọn tí wọ́n fi ṣe ìdúró fún àyálò náà, ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ilé pàṣípààrọ̀ á ta ọjà wọn láìbéèrè. Títà yẹn á tún ti iye náà wálẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn tó kàn. Olówó ńlá tó fẹ́ ra púpọ̀ mọ̀ pé ọjà máa pọ̀ níbẹ̀, ó sì lè ta díẹ̀ kí iye lè débẹ̀.

Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o, àfojúbù ni máàpù náà. Ẹni tó bá ti fi owó kún ìdúró rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́, síbẹ̀ àwọ̀ yẹn ṣì lè máa tàn.