Kí òṣìṣẹ́ tuntun tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ: ètò ọjọ́ àkọ́kọ́ ní ilé iṣẹ́ oníke

Ìbéèrè: Èmi ni súpáfáísọ̀ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ọ̀tà tí a ti ń ṣe bọ́kẹ́ẹ̀tì àti àga oníke. Gbogbo òṣìṣẹ́ tuntun la máa ń fún ní ìwé ààbò. Wọ́n á kà á, wọ́n á buwọ́ lù ú. Síbẹ̀, ọmọ kan tí kò tíì lò ju ọjọ́ 4 lọ́dọ̀ wa ki ọwọ́ bọ kírọ́ṣà, ẹ̀rọ tó ń fi abẹ lọ àjákù ike, ó sì gé e níka. Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni kí n ṣe ṣètò ẹ̀kọ́ ọjọ́ àkọ́kọ́ kí irú rẹ̀ má bàa tún ṣẹlẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí ọmọ náà, Ọlọ́run á fi àlàáfíà fún un.

Ẹ gbé ìwé yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná, kí ẹ lọ dúró nídìí kírọ́ṣà pẹ̀lú ẹni tó ti pẹ́ níbẹ̀. Ẹ ó rí i pé nígbà tí ẹ̀rọ bá ń lọ geere, ọwọ́ kì í débi abẹ. Ìgbà tí ike bá há, tàbí tí wọ́n bá fẹ́ gbá inú rẹ̀ mọ́ kí wọ́n tó lọ àwọ̀ mìíràn, ni ọwọ́ ń wọlé. Ibẹ̀ ni kí ẹ̀kọ́ yín ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ lọ sídìí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tí òṣìṣẹ́ tuntun máa lò, kí ẹ wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ń wà nígbà tí ẹ̀rọ ń ṣiṣẹ́, nígbà tí nǹkan há, àti nígbà tí wọ́n ń tún un ṣe. Ohun tí ẹ bá rí ni ẹ ó kọ́ wọn. Ohun tí kò bá kan iṣẹ́ wọn lè dúró di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, torí orí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kì í gba nǹkan púpọ̀ lójúmọ́ kan.

Nídìí ẹ̀rọ ni kí ẹ ti kọ́ wọn, kì í ṣe nínú yàrá ìpàdé. Kí wọ́n má ju 5 tàbí 6 lọ lẹ́ẹ̀kan, kí olúkúlùkù lè rí ọwọ́ ẹni tó ń kọ́ wọn. Èdè tí wọ́n gbọ́ ni kí ẹ sọ. Bí Ègùn tàbí Haúsá bá wà láàárín wọn, ẹ wá ẹni tó gbọ́ èdè wọn nínú àwọn òṣìṣẹ́ àtijọ́ kó dúró tì yín. Ẹ má béèrè pé “ṣé ó yé yín?” Gbogbo wọn ló máa ní ó yé àwọn. Ẹ ní kí ẹni kọ̀ọ̀kan ṣe é lójú yín.

Ẹ jẹ́ ká mú kírọ́ṣà yẹn gan-an. Ohun tí òṣìṣẹ́ tuntun kò mọ̀ ni pé pípa iná kò pa abẹ dúró. Irin tó gbé àwọn abẹ náà wúwo, ó sì máa ń yí lọ fún ìgbà díẹ̀ lẹ́yìn tí iná ti kú. Ariwo á ti lọ sílẹ̀, ẹni náà á rò pé ó ti dúró, á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹ pa ẹ̀rọ náà lójú wọn, kí ẹ ní kí wọ́n fi etí àti ojú ṣọ́ ọ títí tí yóò fi dúró pátápátá. Ẹ fi aago kà á, kí ẹ sì kọ iye ìṣẹ́jú àáyá náà sára ẹ̀rọ pẹ̀lú ọ̀dà.

Lẹ́yìn náà ni ìgbésẹ̀ títì í pa. Wọ́n á pa ẹ̀rọ ní bọ́tìnì rẹ̀, wọ́n á lọ fa súwíìṣì ńlá tó ń gbé iná wá fún un wálẹ̀, wọ́n á fi àgádágodo tì í, kọ́kọ́rọ́ á wọ inú àpò ẹni tó fẹ́ ki ọwọ́ bọ ẹ̀rọ. Àpò rẹ̀ fúnra rẹ̀, kì í ṣe ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, kì í sì ṣe orí tábìlì súpáfáísọ̀. Bí ènìyàn 2 bá fẹ́ ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀, àgádágodo 2 ló máa wà níbẹ̀. Kó tó ṣí ẹ̀rọ náà, kó padà wá tẹ bọ́tìnì tó ń gbé ẹ̀rọ dìde. Bí ẹ̀rọ bá mira, súwíìṣì mìíràn ni wọ́n tì. Ìgbésẹ̀ tí àwọn ènìyàn máa ń fò jù nìyí, bẹ́ẹ̀ òun ló ń fi àṣìṣe hàn nígbà tí ọwọ́ ṣì wà níta. Lẹ́yìn tó bá ti ṣí i, igi ni kó fi yí abẹ náà bó bá yẹ kó yí, torí abẹ tó dúró ṣì mú.

Ẹ jẹ́ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan ṣe gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìsí ẹni tó ń rán an létí. Ẹni tó bá fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lára àgádágodo, tàbí tó gbàgbé láti tẹ bọ́tìnì wò, kò tíì mọ̀ ọ́n. Kó tún un ṣe lọ́jọ́ kejì, kó má sì dé ìdí kírọ́ṣà kó tó dìgbà náà.

Ẹ tún wo ohun tó ń mú ike há. Ọ̀pọ̀ ìgbà, kókó ike ńlá tó jáde nígbà tí wọ́n ń fọ ẹ̀rọ tó ń da ike ni wọ́n jẹ́ kó gan, tí wọ́n wá ń fi ipá tì í wọ ẹnu kírọ́ṣà. Ẹ kọ́ wọn pé nígbà tí kókó náà ṣì rọ̀ ni kí wọ́n ti gé e wẹ́wẹ́, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tó ń gba ooru. Bó bá ti tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, kó má wọ kírọ́ṣà. Bí híhá bá dín kù, ìdí tí ọwọ́ fi ń wọlé náà á dín kù.

Ní ti ẹ̀rọ tó ń da ike, ohun 2 péré ni mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Èkíní ni ilẹ̀kùn iwájú rẹ̀. Bó bá ṣí, mọ́ọ̀dù tó ń fún ike ní ìrísí kò gbọdọ̀ pa dé. Kí ẹni tó mọ ẹ̀rọ náà dán an wò níbẹ̀rẹ̀ gbogbo ṣíìfìtì. Bí ẹnikẹ́ni bá rí rọ́bà tàbí sẹ́lótéèpù tí wọ́n fi dè súwíìṣì ilẹ̀kùn náà mọ́lẹ̀ kí iṣẹ́ lè yá, kó dá ẹ̀rọ dúró kó sì pe súpáfáísọ̀. Èkejì ni ẹnu ibi tí ike yíyọ́ ti ń jáde. Ike náà lè gbóná ju 200°C lọ, ó sì lè tú jáde lójijì. Nítorí náà, ẹ fa ìlà sílẹ̀ yí ibẹ̀ ká, kí tuntun má kọjá rẹ̀. Bí ike gbígbóná bá lẹ̀ mọ́ ara ẹnìkan, omi tútù tó ń ṣàn ni kí wọ́n fi sí i fún 20 ìṣẹ́jú, kí wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn, kí wọ́n má sì ṣí ike náà kúrò lára rẹ̀, torí awọ á bá a lọ. Ẹ dárúkọ epo pupa, ẹyin àti ọṣẹ ìfọyín ní tààràtà pé wọn kò gbọdọ̀ kàn án. Ohun tí wọ́n mọ̀ láti ilé nìyẹn, bí ẹ kò bá sì dárúkọ rẹ̀, òun ni wọ́n máa sáré mú.

Nínú ohun ìdáàbòbò ara, ìbọ̀wọ́ ló ń ṣi àwọn ènìyàn lọ́nà jù. Tuntun á rò pé bí ìbọ̀wọ́ bá ti wà lọ́wọ́, ewu ti lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nídìí ohunkóhun tó ń yí, bíi bẹ́líìtì tàbí ẹ̀rọ ìlu-ihò, ìbọ̀wọ́ ni ẹ̀rọ máa kọ́kọ́ gbá mú, á sì fa ọwọ́ tẹ̀lé e. Ìbọ̀wọ́ tó nípọn wà fún ike gbígbóná, èyí tí abẹ kì í tètè gé sì wà fún ìgbà tí wọ́n bá ń tún abẹ tó ti dúró, tí wọ́n ti tì, ṣe. Níbi tí nǹkan bá ń yí, ọwọ́ lásán ni, láìsí òrùka, láìsí apá aṣọ tó ń jù. Ẹ gbé ìbọ̀wọ́ méjèèjì síwájú wọn, ẹ ní kí wọ́n mú èyí tó bá iṣẹ́ tí ẹ dárúkọ mu.

Fún etí, bí ẹ bá ní láti pariwo kí ẹni tó wà ní mítà 2 síbi tí ẹ dúró tó gbọ́ yín, ariwo ibẹ̀ tó ohun tí ń ba etí jẹ́. Fóòmù tí wọ́n ń fi dí etí kì í wúlò bó bá dúró sẹ́nu ihò etí lásán. Kí ẹni náà fi ìka mímọ́ ká a tín-ín-rín, kó fi ọwọ́ kejì gbé etí sókè sẹ́yìn, kó tì í wọlé, kó sì dì í mú títí tí yóò fi wú padà. Bó bá dúró dáadáa, ohùn ara rẹ̀ á dún létí rẹ̀ bíi pé inú ìkòkò ló ti ń jáde. Ní ti bàtà, ẹ béèrè nọ́ńbà ẹsẹ̀ wọn kí wọ́n tó dé. Ẹni tí bàtà bá fún lẹ́sẹ̀ á padà sí sílípáàsì lọ́jọ́ kẹta. Ẹ má sì yọ owó bàtà kúrò nínú owó oṣù, kí wọ́n má bàa máa tọ́jú rẹ̀ pa mọ́ fún ọjọ́ Àìkú.

Ìròyìn ṣíṣe ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ti ń kùnà, ẹ̀rù ló sì fà á. Òṣìṣẹ́ kájúà tí wọ́n ń san owó ojúmọ́ fún mọ̀ pé bí òun bá ní ìka dun òun, oníkọ́ńtíráàtì lè ní kí òun má wá mọ́ lọ́la. Nítorí náà, kí máníjà fúnra rẹ̀ wá sọ lójú wọn pé a kì í yọwó, a kì í lé ènìyàn, nítorí pé ó ròyìn. Kí oníkọ́ńtíráàtì náà wà níbẹ̀ kó gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi í kọ́ra lọ́jọ́ náà. Kí wọ́n tó yí ká inú ilé iṣẹ́, ẹ fi pálẹ́ẹ̀tì dí iwájú agolo ìpaná kan, ẹ da omi díẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà tí fóòkílífíìtì kì í gbà, kí ẹnì kan sì máa ṣọ́ ibẹ̀. Ẹ ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wá ròyìn ohun tó bá rí fún súpáfáísọ̀ ṣíìfìtì, lẹ́nu tàbí nípa gbígbohùn sílẹ̀ lórí Wọ́sáàpù, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló lè kọ̀wé. Ẹ gbé pálẹ́ẹ̀tì náà kúrò níbẹ̀ kí wọ́n máa wò yín. Bí wọ́n bá rí i pé ohun tí wọ́n sọ yọrí sí nǹkan, wọ́n á tún sọ.

Ẹ sọ ọ́ fún wọn pé ohun tó ku díẹ̀ kó ṣẹlẹ̀ náà jẹ́ ìròyìn. Ní ti ẹni tó bá fara pa, òfin owó ìtọ́jú òṣìṣẹ́ ti ọdún 2010 fún un ní ọjọ́ 14 láti fi tó agbanisíṣẹ́ létí, ó sì fún agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti ròyìn fún NSITF, àjọ ìjọba tó ń bójú tó owó náà. Ọgbẹ́ tó bá dá òṣìṣẹ́ dúró ju ọjọ́ 3 lọ gbọ́dọ̀ dé etí ọ̀gá ayẹ̀wò ilé iṣẹ́ ti ìjọba. Ẹ kò ní láti kọ́ wọn ní òfin náà tán. Ohun tí wọ́n nílò ni pé kí wọ́n sọ ọ́ ní ṣíìfìtì tó ṣẹlẹ̀, kí orúkọ wọn sì wọ ìwé kí wọ́n tó lọ sílé.

Òfin ilé iṣẹ́ ti Nàìjíríà sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣiṣẹ́ nídìí ẹ̀rọ tó lè ṣe é léṣe àfi bí wọ́n bá ti ṣàlàyé ewu rẹ̀ fún un, tó sì ti kọ́ iṣẹ́ náà tó, tàbí kí ẹni tó mọ̀ ọ́n dáadáa máa bójú tó o. Nítorí náà, fún ọ̀sẹ̀ 2 àkọ́kọ́, ẹ fún tuntun ní fìlà aláwọ̀ tó yàtọ̀, ẹ so ó mọ́ àgbà kan tí ẹ dárúkọ, kó má sì ṣe ṣíìfìtì alẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, ẹ ní kó tún ti kírọ́ṣà pa lójú yín. Ìwé tó máa buwọ́ lù kò ní ju ojú ewé 1 lọ: ẹ̀rọ tó kọ́, ọjọ́ tó ṣe é láìsí ìrànlọ́wọ́, orúkọ ẹni tó rí i tó ṣe é, àti ẹ̀rọ tí kò tíì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Kí ẹ̀dà kan wà lọ́wọ́ súpáfáísọ̀ alẹ́, torí òun ló lè ṣèèṣì gbé e lọ sídìí kírọ́ṣà bí ènìyàn kò bá pé.