Ìpín 49.80 tí wọ́n kà fún mi ní 50.97

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Mo rí i lójú fóònù mi pé ìpín ilé-iṣẹ́ kan jẹ́ 49.80. Mo tẹ Market, mo ra 1,000. Nígbà tí rìsíìtì máa dé, 50.97 ni wọ́n kà á fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan. Olùkọ́ wa lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní àwọn màkẹ́tì mékà, ìyẹn àwọn tó máa ń rà tí wọ́n sì máa ń tà nínú ọjà nígbà gbogbo, ló ń yọjú wo àṣẹ wa, tí wọ́n á sáré gbé owó sókè. Ó ń ta ohun kan tó ní yóò fi àṣẹ wa pamọ́ fún wọn. Ṣé kí n rà á? Mo fi rìsíìtì náà ránṣẹ́, pẹ̀lú àwòrán ojú ìwé àṣẹ, níbi tí iye àwọn tó fẹ́ rà àti àwọn tó fẹ́ tà wà, tí mo yà kí n tó rà.

Ìdáhùn: Ẹ má rà á. Àwòrán tí ẹ fi ránṣẹ́ gan-an ti dá olùkọ́ yín lóhùn, ó sì ń bí mi nínú pé irú ẹ̀kọ́ yìí ni wọ́n ń gbowó lé lórí.

Ẹ kọ́kọ́ gbà pé 49.80 kì í ṣe iye tí ẹnikẹ́ni ń tà fún yín. Iye tí wọ́n fi parí òwò tó kẹ́yìn ni, òwò ẹlòmíì sì ni. Iye méjì ló wà níwájú yín lásìkò náà. Ẹni tó fẹ́ rà ń ná an ní 49.80, ẹni tó fẹ́ tà ń pè é ní 50.20. Àlàfo àárín wọn jẹ́ 0.40, kò sì sí ẹni tó fẹ́ rà lójú ẹsẹ̀ tí kò ní san iye tí olùtà pè.

Ẹ wá wo apá àwọn olùtà nínú àwòrán yín. Ìpín 200 wà ní 50.20, 300 wà ní 50.60, 500 sì wà ní 51.50. Ẹ̀rọ ọjà máa ń bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ ẹni tó pe iye tó kéré jù; bí ẹni méjì bá pe iye kan náà, ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń dá lóhùn. Àṣẹ Market sì túmọ̀ sí pé kí ó bá yín ra 1,000 ní iyekíye. Ó kó 200 àkọ́kọ́, ó ná yín ní 10,040. Ó kó 300 tó tẹ̀ lé e, 15,180. Ó kó 500 tó kù, 25,750. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 50,970, ìyẹn 50.97 lórí ẹyọ kan.

Ẹ fi iye tí ẹ ní lọ́kàn, 49,800, yọ kúrò, ó ku 1,170. Nínú rẹ̀, 400 péré ni àlàfo jẹ. 770 yòókù jẹ́ nítorí pé ẹ ra ju iye tó wà ní ìlà àkọ́kọ́ lọ, tí ẹ sì ní kí ẹ̀rọ má dúró. Ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti wà níbẹ̀ kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì. Ta ló wá sáré gbé kí ni sókè?

N kò sọ pé kò sí alágbàtà tó lè kọ́kọ́ fi owó ara rẹ̀ rà nígbà tó bá rí àṣẹ oníbàárà. Ẹ̀ṣẹ̀ ni lábẹ́ òfin ọ̀pọ̀ ọjà. Bí iye orí rìsíìtì kò bá bá ìlà tó wà nínú ìwé àṣẹ mu lásìkò tí àṣẹ yín wọlé, ẹ ké sí àjọ tó ń bójú tó ọjà náà. Ti yín bára mu régé.

Màkẹ́tì mékà ni ẹni tó gbà láti máa ná, kí ó sì máa pè, nígbà gbogbo, kí ẹni tó bá dé má bàa pàdé ọjà òfìfo. Bí ó bá rà ní 49.80 tó tún tà ní 50.20, 0.40 di tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá ti mọ̀ pé ìròyìn burúkú ń bọ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló máa sáré tà sí. Ìpín náà á já sí 48 lọ́wọ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àlàfo fi ń fẹ̀ níbi tí òwò kò pọ̀ àti nígbà tí ìròyìn bá fẹ́ jáde.

Ewu gidi ni kí àwọn màkẹ́tì mékà fà sẹ́yìn. Ní ọjọ́ 6 oṣù Karùn-ún ọdún 2010, ní Amẹ́ríkà, ọ̀pọ̀ nínú wọn yọwọ́ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Àwọn iye yẹpẹrẹ tí wọ́n kàn fi sílẹ̀ nítorí òfin, tí wọn kò retí pé ẹnikẹ́ni yóò kàn, ni àwọn àṣẹ Market bá pàdé. Wọ́n ta ìpín Accenture ní sẹ́ńtì kan.

Nítorí náà, ẹ tẹ Limit, kí ẹ sì kọ iye tí ẹ kò fẹ́ kọjá. Ká ní 50.20 lẹ kọ, 200 ni ẹ ò bá rí rà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. 800 yòókù á dúró gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ná a ní 50.20, níwájú ẹni 49.80. Ó ní ìyà tirẹ̀: ọjà lè gbéra kí ó fi yín sílẹ̀, tàbí kí ìròyìn burúkú dé kí ẹ tó pa àṣẹ náà rẹ́, kí wọ́n sáré tà á fún yín. N kò mọ ipò owó yín, n kò sì ní kí ẹ ra ìpín yìí tàbí kí ẹ má rà á.

Ẹ ṣọ́ra fún Stop pẹ̀lú. Bí ẹ bá kọ Stop 45 láti tà, tí òwò sì dé 45, Market ló ń dà níbẹ̀. Bí ẹni tó ń ná an jù bá wà ní 41, 41 ni wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í bá yín tà á. Stop Limit á dá a dúró ní iye tí ẹ bá kọ, ṣùgbọ́n ìpín náà lè kù sí yín lọ́wọ́ kó máa já lọ. Ẹ bi alágbàtà yín èwo nínú méjèèjì ni bọ́tìnnì tirẹ̀ ń ṣe.