Pè wọ́n kí ará Ìkòròdú tó sùn

*Àǹtí, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣómólú ni mo ti ń tẹ páálí tí wọ́n ń kó ọjà sí. Ọ̀la, Ọjọ́bọ̀, aago 10 àárọ̀, mo ní ìpàdé ní Marínà pẹ̀lú Alhájì kan, oníbàárà tó tóbi jù lọ́wọ́ wa. Páálí àwòṣe ló yẹ kí n gbé lọ, àmọ́ ọ̀bẹ ẹ̀rọ tí a fi ń gé e kán láàárọ̀ yìí. Alhájì sì ti ní kí àwọn méjì wá láti ilé iṣẹ́ wọn ní Ìkòròdú. Ó ń ṣe mí bíi kí n kàn fi Wáàsáàpù ránṣẹ́ láàárọ̀ ọ̀la pé súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló dá mi dúró. Aago 3 ọ̀sán ti lù báyìí. Báwo ni mo ṣe máa sọ ọ́ tí wọn ò fi ní rò pé mi ò ka iṣẹ́ wọn sí?*
*Èmi, Ọmọ Ṣómólú*

Ọmọ Ṣómólú, fóònù ni kí o gbé, má tíì kọ nǹkan kan. O ṣì ní nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta tó dáa. Tó bá ti kọjá aago 6 ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ náà á ti yí padà, nítorí àwọn méjì tó ń bọ̀ láti Ìkòròdú. Ẹni tó fẹ́ bá aago 10 ní Marínà láti Ìkòròdú lọ́jọ́ iṣẹ́, ilẹ̀ ò ní tíì mọ́ dáadáa tó fi máa jáde nílé. Alẹ́ òní ló máa bá awakọ̀ ṣàdéhùn, alẹ́ òní náà ló máa fa iṣẹ́ ọ̀la lé ẹlòmíì lọ́wọ́. Tí ìròyìn rẹ bá wá bá a ní aago 8 àárọ̀ lórí Tọ́ọ̀dù Ménlàńdì, Alhájì ló máa bẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ìwọ. Ohun tó ń bí oníbàárà nínú gan-an nìyẹn: kí ó máa tìtorí rẹ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn tó gba owó oṣù lọ́dọ̀ òun.

Gbàgbé irọ́ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ yẹn. Gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ní Èkó ló mọ̀ pé ọ̀nà máa dí, ẹni tó bá ní ọ̀nà ló dá òun dúró, ohun tó ń sọ ni pé òun ò tètè jáde. Òótọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ dáa jù ú lọ. Ọ̀bẹ kán, o ò sì fẹ́ fi sísọ́ọ̀sì gé páálí Alhájì. Sọ ìdí kan yẹn nìkan. Tí o bá tún fi iná tí wọ́n mú lọ kún un, tàbí ọmọ tó ń ṣòjòjò, méjèèjì á dà bí irọ́.

Àmọ́ kí o tó pè é, ṣírò ọjọ́ tuntun náà, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. Èèyàn lè sún ìpàdé lẹ́ẹ̀kan kí wọ́n gbójú fò ó. Ẹ̀ẹ̀kejì ni orúkọ ń bàjẹ́. Ká ní alágbẹ̀dẹ ní ọ̀bẹ á dé ní aago 2 ọ̀sán ọ̀la. Ìwọ fi í sí aago 5, o mọ alágbẹ̀dẹ. Ìyẹn ni pé àárọ̀ Ẹtì lo máa gé e, o máa tẹ̀ ẹ́, o máa fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, o sì máa jẹ́ kó sun ibẹ̀ mọ́jú kó tó ṣe é gbé sínú ọkọ̀. Nítorí náà Ẹtì kò sí nínú ọ̀rọ̀ rárá, bó ti wù kó máa wù ọ́ kí o tètè tẹ́ Alhájì lọ́rùn. Ká tiẹ̀ ní ó ṣeé ṣe, Alhájì máa lọ sí Jímọ̀ ní ọ̀sán, ọjọ́ yẹn ti gé sí méjì. Ọjọ́ Ajé aago 12 tàbí Ìṣẹ́gun aago 11 ni kí o fi lọ̀ wọ́n. Ní àkókò yẹn, ọkọ̀ tó ń rọ́ wọ Erékùṣù láàárọ̀ ti dínkù, àwọn ará Ìkòròdú á sì lè padà kí ọ̀nà ilé tó kún. Ọjọ́ méjì ni kí o dárúkọ. Tí o bá bi í pé "ìgbà wo lẹ máa ráyè?", iṣẹ́ tìrẹ lo tún gbé lé e lórí yẹn.

Tó bá gbé fóònù, má jẹ́ kí ìkíni gùn ju bó ṣe yẹ lọ, torí ọkàn rẹ̀ á ti máa fò:

"Ẹ káàsán sà, Alhájì. Ìpàdé wa ti ọ̀la aago 10 ni mo tìtorí ẹ̀ pè. Mo fẹ́ bẹ̀ yín ká sún un. Ọ̀bẹ tó ń gé páálí yín kán láàárọ̀ yìí, àwòṣe tó máa wà lọ́la ò ní jẹ́ irú èyí tó yẹ kẹ́ ẹ rí. Mo ní kí n tètè sọ kí àwọn ará Ìkòròdú má bàa jáde lásán. Ajé aago 12, àbí Ìṣẹ́gun aago 11, èwo ló rọ̀ yín lọ́rùn? Ẹ má bínú sà."

Lẹ́yìn náà, dákẹ́. "Ẹ má bínú" kan ti tó. Ẹni tó bá ń wí i nígbà márùn-ún á sọ ẹni tó ṣẹ̀ di ẹni tó ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Tó bá kàn ní "kò burú" tó sì pa fóònù, má pè é padà láti mọ̀ bóyá inú ń bí i.

Tí kò bá gbé e, dúró ní nǹkan bí ìṣẹ́jú 15, kí o tún pè. Lẹ́yìn ìyẹn, pe akọ̀wé rẹ̀, kí o sì fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí Alhájì fúnra rẹ̀. Má kọ "Ẹ káàsán sà" nìkan kí o wá máa retí ìdáhùn. Ìlà àkọ́kọ́ ló máa ń hàn lójú fóònù tí kò tíì ṣí, nítorí náà ibẹ̀ ni kí ọ̀rọ̀ wà: "Ẹ káàsán sà. Ìpàdé ọ̀la aago 10: mo bẹ̀ yín ká sún un sí Ajé tàbí Ìṣẹ́gun." Má fi ohùn ránṣẹ́. Ẹni tó bá wà láàárín èèyàn ò lè gbọ́ ọ, akọ̀wé ò sì lè fojú wá ọjọ́ àti aago nínú ẹ̀. Má sì fọkàn tán àmì búlúù, ọ̀pọ̀ ọ̀gá ló ti pa á. Títí ẹnì kan níbẹ̀ á fi dá ọ lóhùn, gbà pé wọn ò tíì gbọ́.

Tí wọ́n bá ti mú ọjọ́, kọ ọ́ ránṣẹ́ ní ìlà méjì: ọjọ́, aago, ibi tí ẹ máa jókòó sí, àti ohun tí o máa gbé wá. Tó bá jẹ́ pé Google Calendar ni ìwọ fi pè wọ́n, má pa èyí tó wà rẹ́ láti ṣe òmíràn. Ìwé ìfagilé ló máa kọ́kọ́ wọlé sí wọn, àwọn ará Ìkòròdú á sì rò pé iṣẹ́ ti bọ́. Yí aago rẹ̀ padà, kí o sì tẹ `Send` tó bá bi ọ́. `Don't send` ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń tẹ̀ nítorí ìkánjú, aago á wá yí láìjẹ́ pé ìwé kankan lọ sọ fún àwọn tí wọ́n pè.

Tí ọ̀bẹ ò bá dé títí aago 5 ọ̀la, ọ̀la náà ni kí o wá alágbẹ̀dẹ mìíràn ní Múṣin, má dúró de Ẹtì. Bí páálí àkọ́kọ́ bá sì jáde lẹ́nu ẹ̀rọ, ya á ní fọ́tò lórí tábìlì, kó hàn pé igun rẹ̀ pé, kí o fi ṣọwọ́ sí Alhájì láìfi ọ̀rọ̀ púpọ̀ kún un. Kó tó di ọjọ́ náà, bá akọ̀wé sọ pé kó yí orúkọ rẹ sí ọjọ́ tuntun nínú ìwé àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà. Orúkọ rẹ ṣì wà fún Ọjọ́bọ̀ níbẹ̀, o ò sì fẹ́ dúró pẹ̀lú páálí lọ́wọ́ nísàlẹ̀ nígbà tí aago 12 bá ń lù lókè.